Ta Ló Lè Dá Iṣẹ́ Ilé Ìwòsàn Dúró, Ta Sì Ni Ọ̀rọ̀ Náà Ká Lára?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, ìbọn ba ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan ní ìhà gúúsù ìlú Ṣikágò, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ṣikágò kò jìnnà sí ibi tó ṣubú sí, àmọ́ ọkọ̀ pàjáwìrì kò gbé e lọ síbẹ̀. Ilé ìwòsàn mìíràn tó wà ní ọ̀pọ̀ máìlì sí i ni wọ́n gbé e lọ, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ìdí ni pé láti ọdún 1988 ni ilé ìwòsàn Yunifásítì ti ti ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà tó fara gbọgbẹ́ yánnayànna pa, nítorí owó tó ń gbé mì ju èyí tó ń mú wọlé lọ. Nígbà tí ọdún 1991 fi máa parí, kò sí irú ibùdó bẹ́ẹ̀ mọ́ fún àgbàlagbà ní gbogbo ìhà gúúsù ìlú náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kan sílẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ilé ìwòsàn náà tún ibùdó yẹn ṣí. Àsìkò kan náà ni ilé ìwòsàn ń kọ́ ilé tuntun kan tó tó 700 mílíọ̀nù dọ́là, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù kejì ọdún 2013. Ilé náà gbòòrò, ẹ̀rọ ìgbàlódé sì kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń béèrè kò sí níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fẹ ilé ìwòsàn, ìbáà jẹ́ ní Ṣikágò, ìbáà jẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Igun mẹ́rin lórí bébà kan

Àwọn tó ń ṣètò iṣẹ́ ńlá ní irinṣẹ́ kan tí wọ́n fi ń to àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sí àyè wọn. Orúkọ Aubrey Mendelow ni wọ́n sábà máa ń dá mọ́ ọn. Wọ́n á mú bébà kan, wọ́n á fa ìlà kan dúró, wọ́n á fa èkejì dábùú u láàárín, igun mẹ́rin á sì yọ. Ìlà tó dúró ń wọn agbára: kí ni ẹgbẹ́ yìí lè ṣe láti mú iṣẹ́ náà yá, láti fà á sẹ́yìn, tàbí láti yí i padà? Ìlà tó dábùú ń wọn ìkálára: báwo ni ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ inú ayé wọn tó, báwo ni wọ́n sì ṣe ń tọpinpin rẹ̀ tó?

Ẹni tó ní agbára púpọ̀ tí ọ̀rọ̀ sì ká lára gan-an wà ní igun kìíní. Òun ni a ń bá jókòó ṣe ìpinnu. Ẹni tó lágbára ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ kò ká lára tó bẹ́ẹ̀ wà ní igun kejì. A ń rí i pé ohun tí òfin tàbí ipò rẹ̀ ń béèrè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kí inú má bàa bí i. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ká lára ṣùgbọ́n tí kò lágbára wà ní igun kẹta. Ìmọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ ìwé ń gbani nípa rẹ̀ ni pé kí a máa fi bí iṣẹ́ ṣe ń lọ tó o létí. Ẹni tí kò ní méjèèjì tó bẹ́ẹ̀ wà ní igun kẹrin, ojú lásán la kàn ń mú tó o.

Bí a bá fẹ́ fi iye sí i, a lè fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 5 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Máàkì nìkan kò tó o. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ká ti kọ ẹ̀rí: “Wọ́n lè kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé,” “Wọ́n lè yanṣẹ́ lódì,” “Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ sílé la fẹ́ dí.” Bí ẹ̀rí kò bá sí, máàkì náà kò ju ìrò ọkàn ẹni tó kọ ọ́ lọ. Ohun mìíràn wà tí àwòrán náà kì í fi hàn, òun ni bóyá ẹgbẹ́ náà fara mọ́ iṣẹ́ tàbí wọ́n lòdì sí i. A ní láti fi àmì tirẹ̀ sí i, nítorí pé ọ̀rẹ́ àti alátakò lè jọ wà nínú igun kan náà.

Bí Ṣikágò ṣe rí lórí bébà náà

Ẹ jẹ́ ká yà á bí olùṣètò kan ì bá ṣe yà á ní ọdún 2010. Igun kìíní ni ìgbìmọ̀ alákòóso Yunifásítì, àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn àti àwọn olóore tó ń dáwó ńlá yóò wà. Igun kejì ni ìjọba ìlú yóò bọ́ sí, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ tí ìpínlẹ̀ Ilínọ́ìsì gbé kalẹ̀ láti máa yẹ iṣẹ́ àwọn ilé ìwòsàn wò. Òfin ìpínlẹ̀ náà kò gba ilé ìwòsàn láàyè láti kọ́lé ńlá tàbí kí ó fi ọ̀pọ̀ ibùsùn kún tirẹ̀ láìgba ìyọ̀ǹda ìgbìmọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ kì í ká wọn lára títí ìwé ìbéèrè yóò fi dé orí tábìlì wọn. Ọjọ́ tó bá débẹ̀, ẹnu wọn ni abẹ gé.

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, àwọn òbí tí ìbọn ti pa ọmọ wọn, àtàwọn tó ń gbé ní ìhà gúúsù yóò wọ igun kẹta: máàkì 5 fún ìkálára, 1 fún agbára. Wọn kò ní owó, wọn kò ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ kankan, wọn kò sì fọwọ́ sí ìwé kankan. Bí olùṣètò bá tẹ̀ lé ohun tó wà nínú ìwé, yóò máa fi lẹ́tà ìròyìn ránṣẹ́ sí wọn, yóò sì ka iṣẹ́ rẹ̀ lórí wọn sí èyí tó parí.

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà. Àwòrán náà ń wo agbára bí ohun tí ẹgbẹ́ kan ní lọ́wọ́ lónìí. Kò wo ẹni tí ẹgbẹ́ náà lè sá tọ̀ lọ.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn. Àwọn ọ̀dọ́ náà sọ̀rọ̀ títí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì fúnra rẹ̀ fi dara pọ̀ mọ́ wọn. Àwọn olùṣọ́àgùntàn wọlé sí i. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, kí ilé tuntun tó ṣí, wọ́n fẹ̀hónú hàn nínú rẹ̀, ọlọ́pàá sì mú àwọn kan. Ní 2014, ilé ìwòsàn náà kéde pé òun yóò máa gba àwọn ọmọ tó fara gbọgbẹ́ títí dé ọmọ ọdún 17 sí ibùdó ìtọ́jú àwọn ọmọdé. Lásìkò yẹn, Yunifásítì ń du bí wọn yóò ṣe kọ́ ilé ìkówèésí Ààrẹ Obama sí sàkáání wọn. Àwọn olùfẹ̀hónúhàn rí àyè níbẹ̀. Wọ́n ní kò yẹ kí ilé ìkówèésí dé sí ibi tí ẹni tí ìbọn bà kò ti rí ìtọ́jú. Látìgbà náà, ọ̀rọ̀ wọn ń dé etí àwọn tí Yunifásítì kò lè ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́ ohùn wọn. Kò sẹ́ni tó fi agbára kún tiwọn. Wọ́n yá agbára lọ́wọ́ ẹni tó ní in.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, Yunifásítì kéde pé òun yóò bá ilé ìwòsàn mìíràn ṣe ibùdó ìtọ́jú náà níbòmíràn ní ìhà gúúsù. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n yí ètò náà padà: wọ́n ní inú ọgbà àwọn gan-an ni ibùdó náà yóò wà. Wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ìmúgbòòrò tó ń béèrè 269 mílíọ̀nù dọ́là, pẹ̀lú ẹ̀ka pàjáwìrì tuntun àti ibùsùn 188 ní àfikún. Ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí i ní oṣù karùn-ún ọdún 2016. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ibùdó náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé ìmúgbòòrò yìí wúlò fún ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, nítorí ó ń wá ibùsùn sí i. Nígbà tí ìwé ìbéèrè dé iwájú ìgbìmọ̀, ohun tí ilé ìwòsàn fẹ́ àti ohun tí àdúgbò ń béèrè ti wà nínú ìwé kan náà. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n jọ jókòó lé ní 2010 ni wọ́n padà wá jókòó lé lẹ́yìn ọdún márùn-ún ìjà.

Ètò fún igun kọ̀ọ̀kan

Nítorí náà, kí a tó pinnu bí a ṣe máa bá ẹgbẹ́ kan sọ̀rọ̀, ìbéèrè méjì la ní láti dáhùn nípa rẹ̀. Èkíní, kí ni wọ́n lè ṣe fúnra wọn? Èkejì, bí a kò bá dá wọn lóhùn, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n máa lọ, ṣé ẹni náà á sì gbọ́ wọn? Ìdáhùn kejì la fi ń ya ọfà sórí bébà, láti igun tí wọ́n wà sí igun tí wọ́n lè bọ́ sí. Ẹgbẹ́ tó ní ọfà gígùn kò gbọ́dọ̀ gba lẹ́tà ìròyìn nìkan.

Fún igun kìíní, ìpàdé tó ní ọjọ́ ni ètò náà, kí ìpinnu wà nínú ìwé, kí ó sì hàn ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè fọwọ́ sí. Ohun tó ń ba igun yìí jẹ́ ni pé a máa ń rò pé gbogbo wọn gbà fún ara wọn. Ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ àwọn dókítà àti àjọ tó kó àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yòókù pọ̀, tí a mọ̀ sí Jóhẹ́sù, jọ wà níbẹ̀, wọ́n sì ti ń bára wọn fa ọ̀rọ̀ owó oṣù àti ipò ọ̀gá tipẹ́. Bí a bá pe wọ́n sí ìpàdé kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ilé tuntun lè di ọ̀rọ̀ ta ni yóò ṣe olórí rẹ̀. Ó sàn kí a kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jókòó lọ́tọ̀, kí a béèrè iye òṣìṣẹ́ tí ẹ̀ka tuntun yóò nílò ní òru àti ní ọ̀sán, kí a tó pe gbogbo wọn pọ̀.

Fún igun kejì, iṣẹ́ wa ni láti mọ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yóò dé iwájú wọn, kí ìwé tó pé sì ti wà nílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Kọmíṣọ́nnà kan kò nílò ìpàdé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó nílò ojú ewé kan tó sọ iye owó, ohun tí àwọn ènìyàn yóò rí gbà, ẹni tó lòdì sí i àti ìdí rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá kọ́kọ́ sọ fún un pé àwọn kan ń bínú, a ti pẹ́ jù.

Fún igun kẹta, a ní láti sọ ohun tó ṣeé yí padà àti ohun tí kò ṣeé yí padà kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tó ń bí aráàlú nínú tó kí wọ́n pè wọ́n wá dá àbá lórí ohun tí wọ́n ti parí. Kí àwọn fúnra wọn yan agbọ̀rọ̀sọ wọn. Kí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí ìdáhùn yóò dé, kódà bí ìdáhùn náà bá jẹ́ “rárá” pẹ̀lú àlàyé.

Fún igun kẹrin, pátákó ìkéde níwájú iṣẹ́, nọ́ńbà fóònù kan tí ènìyàn gidi máa ń gbé, àti ìkéde lórí rédíò tó. Kí a má fi àkókò tí igun kẹta nílò ṣòfò síbẹ̀.

Bí ó ṣe máa rí nílé

Ká ní ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ kan fẹ́ fi ẹ̀ka àwọn aláboyún àti àwọn ọmọ tuntun kún ọgbà rẹ̀. Ilẹ̀ tó kù kò tó, wọ́n sì fẹ́ gba ti ẹbí kan tó wà lẹ́yìn ọgbà. Àwọn ìyá tó ń ta oúnjẹ wà ní ẹnu géètì, ẹ̀gbẹ́ wọn sì ni àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí.

Bí a bá fi òfin nìkan wo ẹbí onílẹ̀ náà, agbára wọn kéré. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì lè gbà á padà fún ànfààní gbogbo ènìyàn. Owó gbà-má-bínú tí òfin náà là sílẹ̀ wà fún ilé, irè oko àti ohun tí wọ́n ti ṣe sórí ilẹ̀. Ní ti ilẹ̀ gbalasa, kò ju owó ilẹ̀ tí wọ́n san lọ́dún tí wọ́n gbà á lọ. Olùṣètò tó bá dúró síbẹ̀ yóò fún wọn ní máàkì 1. Ẹ wá ya ọfà wọn. Wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n sì fa iṣẹ́ sẹ́yìn fún ọdún mélòó kan. Wọ́n lè lọ sí ààfin. Ọmọ wọn lè wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọfà náà dé igun kìíní. Olórí ẹbí ni ká kọ́kọ́ lọ rí, kí ẹnikẹ́ni tó gbé okùn ìwọnlẹ̀ dé ibẹ̀, ká sì ti mọ ohun tí a lè fi kún owó tí òfin là sílẹ̀: bóyá àyè mìíràn, bóyá iṣẹ́ fún àwọn ọmọ wọn nígbà ìkọ́lé, bóyá ibojì tí a kò ní fọwọ́ kàn. Ìlérí tó bá wáyé, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a fọwọ́ sí i.

Àwọn ìyá olóúnjẹ ní ọfà tó ń lọ sọ́dọ̀ ìyálọ́jà, àti láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Ohun tó ṣeé yí padà fún wọn ni ọjọ́ tí wọ́n máa kó kúrò àti ibi tí wọ́n ń lọ. Bí ibi tuntun náà bá jìnnà sí ọ̀nà tí àwọn olùtọ́jú aláìsàn ń gbà, wọn yóò padà sí géètì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọkọ̀ tó ń gbé yanrìn kò sì ní rí ọ̀nà wọlé. Nítorí náà, kí wọ́n bá wa rìn dé ibi tuntun náà kí a tó fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ́ ọlọ́kadà ń gbọ́ràn sí alága wọn lẹ́nu ju lẹ́tà lọ; òun ni ká bá ṣètò ọ̀nà tí ọkọ̀ pàjáwìrì yóò máa gbà nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ.

Ẹgbẹ́ kan tún wà tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé nítorí pé kò ní alága: àwọn aláboyún tó ń wá sí kílíníìkì ní lọ́ọ́lọ́ọ́. Àwọn ló máa rin inú eruku, àwọn ló sì mọ̀ pé ilé ìtura tó wà fún wọn kò tó. Nọ́ọ̀sì kílíníìkì lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá béèrè lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ tí wọ́n bá wá, kí ó kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ fún ayàwòrán ilé. Ọfà wọn kúrú, àmọ́ àwọn ni wọ́n ń kọ́lé náà fún. Àwòrán igun mẹ́rin kò ní sọ èyí fún wa, nítorí agbára ló ń wọn, kò wọn ẹ̀tọ́. Olùṣètò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí i.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ètò ti ń yẹ̀

Àmì àkọ́kọ́ ni ìbéèrè tó ń padà wá. Bí wọ́n bá béèrè ohun kan náà ní ìpàdé mẹ́ta, ìdáhùn wa kò ì tíì jẹ́ ìdáhùn. Àmì kejì ni kí ẹgbẹ́ kan fò wá ru, kí a gbọ́ ẹ̀sùn wọn lórí rédíò tàbí láti ẹnu kábíyèsí dípò ọ̀dọ̀ ẹni tí a yàn láti máa gbọ́ tiwọn. Ọfà wọn ti ń rìn nìyẹn. Àmì kẹta ni ìdákẹ́jẹ́. Ẹgbẹ́ tí ìkálára rẹ̀ jẹ́ 5 tó kàn dédé ṣíwọ́ wíwá sípàdé kò fara mọ́ ọ. Ibòmíràn ló ń pàdé sí. Bí a bá rí èyíkéyìí nínú wọn, kí a tún bébà náà yà lọ́sẹ̀ náà gan-an. Láìsí àmì kankan pàápàá, kí a tún un yà bí àwòrán ilé bá yí padà, bí ìdìbò bá ń bọ̀, bí owó bá dín kù, àti nígbà tí ilé bá kù díẹ̀ kó ṣí.

Ìgbà tó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí, nítorí wọ́n rò pé ilé tí a ti ṣí ti kúrò lọ́wọ́ àríyànjiyàn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, kò tíì pé oṣù mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn tí ibùdó Ṣikágò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn náà yanṣẹ́ lódì fún ọjọ́ kan; iye nọ́ọ̀sì tó yẹ kó máa tọ́jú àwọn aláìsàn wà lára ohun tí wọ́n ń bá àwọn ọ̀gá fà. Kí ìyanṣẹ́lódì náà tó bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn ti kéde pé òun kò ní gba ẹni tó fara gbọgbẹ́ yánnayànna mọ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì kó àwọn ọmọ tó wà ní ìtọ́jú àkànṣe lọ síbòmíràn. Àdúgbò tó fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún ibùdó náà tún wà láìní i fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn tó ń fa ibùsùn wọlé ti yí padà, àwọn tó ń dúró ti ibùsùn náà kò sì tíì gba ohun tí wọ́n ń béèrè. Ilé tí a bá ṣí gbọ́dọ̀ ní ìwé igun mẹ́rin tirẹ̀, kí orúkọ àwọn tí yóò máa jí síbẹ̀ ní òru wà ní òkè pátápátá.